Kántílifà tí lóòdù kò dé etí rẹ̀: ṣé 27 ni àbí 26.67?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpẹ̀rù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bímù kántílifà kan ni wọ́n fún wa, mítà 3 ni gígùn rẹ̀. Lóòdù 8 kN/m wà lórí rẹ̀ láti ìdí ògiri dé mítà 2, mítà 1 tó kù lápá etí ṣófo. Wọ́n ní ká fi ìntígíréṣọ̀n ẹ̀ẹ̀mejì wá bí etí rẹ̀ á ṣe tẹ̀ wálẹ̀ tó. Mo pín bímù náà sí apá méjì, mo rí 26.67/EI, EI ni bí bímù náà ṣe le tó. Ọ̀rẹ́ mi kò pín ohunkóhun ní tiẹ̀. Ìdọ́gba kan ṣoṣo ló gbé láti ògiri dé etí, 27/EI ló sì rí. Ó ní torí pé mo ń gé nọ́ńbà kù lójú ọ̀nà ni tèmi ṣe yàtọ̀. Ta ló gbà á nínú àwa méjèèjì, báwo ni mo sì ṣe lè fi hàn án?

Ọmọ_Ṣágámù

Ẹ̀yin méjèèjì ń da ara yín láàmú lásán ni. Etí ìta ni kó o ti máa ka x, má kà á láti ìdí ògiri. Bó o bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kò kàn ọ́ mọ́ láti wá agbára tí ògiri fi gbé bímù dúró àti móméńtì tó wà níbẹ̀. Mítà 1 àkọ́kọ́ kò ní móméńtì kankan, lẹ́yìn rẹ̀ ni −4(x − 1)² wọlé. Ṣe ìntígíréṣọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kọ́ńsítáǹtì méjèèjì jẹ́ òdo, ó parí. Kò tó ìlà mẹ́rin.

Bàbá_Kọnkéré

Ẹ kú ọgbọ́n o, ẹ̀yin ọmọ wa. Inú mi dùn pé ẹ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, torí ohun tó wà lọ́wọ́ mi gan-an nìyí. Ilé alájà kan ni mò ń tún ṣe nínú Ìjẹ̀bú-Òde, ojú títì ló kọjú sí. Bálíkónì rẹ̀ yọ síta gan-an. Kò sí nǹkan lápá ìdí ògiri, etí ni gbogbo ẹrù wà: irin ìfaratì, ìkòkò òdòdó, àti àwọn èèyàn fúnra wọn. Bó bá di ọjọ́ kẹta Iléyá tí wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba, tí àwọn regbéregbé bá ń kọjá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin tún tẹ̀ lé wọn, kò sẹ́ni tó máa fẹ̀yìn ti ògiri wòran. Etí irin ni gbogbo wọn máa ń rọ́ lọ. Ṣé 26 tí ọmọ yìí rí náà ni mo lè lò fún tèmi?

Onírin_Òdogbolú

Bàbá, tiyín yàtọ̀ pátápátá, màá padà sọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá ọmọ yìí lóhùn.

Àbúrò Ìpẹ̀rù, 26.67 ló tọ̀nà. Ọ̀rọ̀ gígé nọ́ńbà kù kọ́ rárá. Ìdá kan nínú mẹ́ta gééré ló wà láàárín ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ, ibi tó sì ti wá hàn kedere. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ìdọ́gba tó lò nìyí:

```
EI·y'' = -4(2 - x)^2
```

Láti ìdí ògiri dé mítà 2, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀. Ní mítà 2 gan-an ó di òdo, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí lóòdù tán síbẹ̀. Àmọ́ ní kó fi 3 sí ipò x kó wò ó. −4 kNm ló máa rí. Etí bímù tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, ibo ló ti rí móméńtì? Ìlọ́po yẹn ló bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn mítà 2, (2 − x) ti bọ́ sábẹ́ òdo, ṣùgbọ́n bó o bá ti fi í lọ́po ara rẹ̀, àmì ìyọkúrò á pòórá, móméńtì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ga bíi pé kò sóhun tó ṣẹlẹ̀.

Bó o bá fi ojú lóòdù wo ìdọ́gba yẹn, ohun tó ń sọ ni pé 8 kN/m ò dúró ní mítà 2, ó lọ títí dé etí. Pé ẹnì kan wá dúró sí etí tó ń fi 8 kN gbé bímù sókè, tó tún ń fi 4 kNm yí i wálẹ̀. Bí a bá wò wọ́n láti mítà 2, lóòdù àfikún yẹn á tẹ etí wálẹ̀ ní 1/EI, 8 kN á gbé e sókè ní 2.67/EI, móméńtì á tún tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní 2/EI. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́ tán. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 0.33/EI, òun ló sọ 26.67 di 27.

Ọ̀nà tìrẹ ni pé ní mítà 2, bímù ti tẹ̀ wálẹ̀ ní 16/EI, ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀ sì jẹ́ 10.67/EI. Mítà tó kù kò ní móméńtì, nítorí náà kò lè tẹ̀ kọdọrọ. Ṣe ló máa na gbọọrọ, tí á máa bá ìdagẹ̀rẹ̀ yẹn lọ. Fi 10.67 kún 16, ìṣirò tán.

Bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ṣì ń jiyàn, ní kó dín lóòdù náà kù sí mítà 1 péré láti ìdí ògiri, kó wá lo irú ìdọ́gba rẹ̀ yẹn dé etí ní mítà 3. 9/EI ló máa rí. Èyí tó tọ́ jẹ́ 3.67/EI. Níbẹ̀, kò ní lè sọ pé ẹnikẹ́ni gé nọ́ńbà kù. Ìṣòro tirẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí wọ́n fún yín bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀. Ibi tí lóòdù bá ti gùn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta bímù, èsì burúkú àti èsì dáadáa máa ń jọra. Má fi bí èsì ṣe jọra dá ẹjọ́. Móméńtì etí ni kó o máa yẹ̀ wò.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpẹ̀rù

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Mo ti fi ti lóòdù mítà 1 yẹn ránṣẹ́ sí i, kò tíì fèsì.

Ohun kan ló kù tó ń rú mi lójú. Nínú nóòtì wa, wọ́n kọ ìdọ́gba kan tó lọ láti ògiri dé etí láìpín in:

```
EI·y'' = -16 + 16x - 4x² + 4<x - 2>²
```

Wọ́n ní bí ohun tó wà nínú àmì < > bá kéré sí òdo, ká pa á tì. Mo gbọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n lóòdù ti parí ní mítà 2, kí ló dé tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni nǹkan tuntun tún ti ń wọlé? Ṣebí ó yẹ kí nǹkan kúrò níbẹ̀ ni?

Onírin_Òdogbolú

Ó ń kúrò lóòótọ́. Àmọ́ àmì yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa nǹkan, títàn nìkan ló mọ̀. Bó bá ti tàn, ó tàn dé etí nìyẹn. Nítorí náà, a jẹ́ kí lóòdù 8 kN/m lọ títí dé mítà 3, −4x² nìyẹn. Nígbà tó dé mítà 2, a tan lóòdù mìíràn tó ń ti bímù sókè, 8 kN/m náà ni, láti ibẹ̀ dé etí. Òun ni +4<x − 2>². Tísàlẹ̀ àti tòkè pa ara wọn, ohun tó kù lórí mítà tó kẹ́yìn jẹ́ òfo. −16 ni móméńtì ìdí ògiri, 16x wá láti ara agbára tí ògiri fi gbé bímù dúró.

Ṣe ìntígíréṣọ̀n rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní ìdí ògiri, bímù kò tẹ̀, kò sì dagẹ̀rẹ̀, kọ́ńsítáǹtì méjèèjì jẹ́ òdo. Má tú àkámọ́ yẹn o. Bí ó ṣe wà ni kó o ṣe ìntígíréṣọ̀n rẹ̀:

```
EI·y = -8x² + (8/3)x³ - (1/3)x⁴ + (1/3)<x - 2>⁴
x = 3:  -72 + 72 - 27 + 1/3 = -26.67
```

Wo ìlà kejì yẹn dáadáa. −27 ọ̀rẹ́ rẹ ló jókòó síbẹ̀ yẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta tó gbàgbé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò pé bó bá rí i báyìí, ìjà á parí.

Macaulay ló gbé ọ̀nà yìí jáde ní 1919, àwọn èèyàn sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Macaulay ti Èkó kọ́ o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ ẹnjiníà ni Herbert Macaulay tiwa náà lọ kọ́ l'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ọmọ_Ṣágámù

Gbogbo àlàyé gígùn yìí, ẹ kò sọ nǹkan kan nípa ọ̀nà tèmi. Kò sí −16, kò sí 16x. Àkámọ́ kan ṣoṣo ni. Kí ló burú níbẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpẹ̀rù

Mo dán ọ̀nà yín wò lálẹ́ àná, ẹ̀gbọ́n. Bí kọ́ńsítáǹtì méjèèjì bá jẹ́ òdo, etí bímù kò tẹ̀ rárá, òdo ni mo rí níbẹ̀. Ìdí ògiri ló wá tẹ̀ wálẹ̀ ní 5.33/EI. Ó jọ pé ògiri ló ń rì, tí bímù sì dúró gbọin.

Onírin_Òdogbolú

Ọmọ_Ṣágámù, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dára, ó sì dára ju ọ̀nà tí èmi fúnra mi gbà lọ. Kíka x láti etí ń gbà wá lọ́wọ́ wíwá agbára àti móméńtì ìdí ògiri, bó o ṣe sọ. Kọ́ńsítáǹtì ni kò rí bó o ṣe rò ó. Ibi tí a mọ̀ pé bímù kò ti tẹ̀, tí kò sì dagẹ̀rẹ̀, ni ìdí ògiri, bẹ́ẹ̀ x = 3 ni ìdí ògiri jẹ́ nínú ọ̀nà tìrẹ. Ohun tó mú kí wọ́n jẹ́ òdo nínú tèmi ni pé ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka x.

```
EI·y'' = -4<x - 1>²
EI·y'  = -(4/3)<x - 1>³ + C1
EI·y   = -(1/3)<x - 1>⁴ + C1·x + C2
```

Ní x = 3, ìdagẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo: C1 = 32/3, ìyẹn 10.67. Ní x = 3 kan náà, bímù kò gbọ́dọ̀ tẹ̀: −5.33 + 32 + C2 = 0, C2 jẹ́ −26.67.

Wá fi òdo sí ipò x láti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní etí. Àkámọ́ kú, C1·x di òdo, C2 nìkan ló kù. Kọ́ńsítáǹtì tó o ní kó máa jẹ́ òdo yẹn, òun gan-an ni èsì tí wọ́n ń béèrè. C1 sì ni ìdagẹ̀rẹ̀ etí. Láàárín àwọn ọ̀nà tí mo mọ̀, kò sí èyí tó ń gbé èsì kántílifà síni lọ́wọ́ ní tààrà bí eléyìí.

Ọmọ_Ṣágámù

Ó dáa, mo gbà fún C2. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń sọ ọ́ pé ọ̀nà tèmi ló kúrú jù.

Onírin_Òdogbolú

Mi ò bá ọ jà lórí ìyẹn.

Bàbá_Kọnkéré

Ẹ̀yin ọmọ, bálíkónì mi ńkọ́?

Onírin_Òdogbolú

Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà ọmọ yìí náà ṣe é, kẹ́ ẹ lè rí ìyàtọ̀ wọn. Bímù mítà 3 kan náà, 8 kN/m kan náà, mítà 2 kan náà, àpapọ̀ ẹrù jẹ́ 16 kN bíi ti tẹ́lẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni pé a sún un síta: mítà 1 ìdí ògiri ló ṣófo, mítà 2 tó kù dé etí ni ẹrù wà.

Kò sí ìdí láti tún bẹ̀rẹ̀ ìntígíréṣọ̀n. Bí ẹrù bá kún bímù láti ògiri dé etí, etí á tẹ̀ wálẹ̀ ní 81/EI. A sì ti mọ ohun tí ẹrù mítà 1 ìdí ògiri nìkan ń ṣe, 3.67/EI ni, èyí tí mo ní kí wọ́n fi dán ọ̀rẹ́ ọmọ yìí wò lókè. Yọ ọ́ kúrò nínú 81, ó ku 77.33/EI.

Ẹ wò ó dáadáa: ẹrù kan náà, bímù kan náà. 26.67 ló jẹ́ nígbà tó wà lápá ògiri, ó di 77.33 nígbà tó sún sí etí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta. Ìdí ni pé ẹrù etí ń lọ́ ìdí bímù ju ẹrù ìdí lọ (32 kNm dípò 16), bó ṣe tẹ̀ níbẹ̀ sì tún ní gbogbo gígùn bímù láti fi gbòòrò. Torí náà, Bàbá, 26 yẹn kì í ṣe tiyín. Ọjọ́ Ojúde Ọba lẹ gbọ́dọ̀ ṣe ìṣirò fún, ẹ má ṣe é fún ọjọ́ tí wọ́n kàn sá aṣọ sí bálíkónì.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ fi mílímítà bá wa sọ ọ́. Irin ni iṣẹ́ tèmi, EI kò ní ìtumọ̀ lọ́jà. Ká ní IPE 200 ni mo lò, mélòó ló máa wálẹ̀?

Onírin_Òdogbolú

IPE 200, I rẹ̀ jẹ́ 1943 cm⁴. Bí a bá fi E sí 205 kN/mm² bí BS 5950, ìwé ìlànà irin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ṣe ní ká máa lò ó, EI jẹ́ nǹkan bí 3980 kNm². Ti ọmọ Ìpẹ̀rù á wálẹ̀ ní mílímítà 6.7. Ti Bàbá, bí ó bá jẹ́ irin ni, á wálẹ̀ ní 19.4. Ìwé BS 5950 kan náà gbà kí kántílifà wálẹ̀ dé ìdá kan nínú 180 gígùn rẹ̀ lábẹ́ ẹrù tó ń wá tó ń lọ, fún mítà 3 ìyẹn jẹ́ 16.7. Àkọ́kọ́ yege, èkejì kò yege, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ẹrù kankan kún un. Mi ò ka ìwúwo irin fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, kò tó mílímítà kan.

Ti kọnkéré, Bàbá, mi ò lè fi mílímítà sí i báyìí. Kọnkéré tó bá ti sán lójú òkè kò ní I rẹ̀ àtijọ́ mọ́, bí ọdún sì ṣe ń lọ ló tún ń rọra wálẹ̀ sí i lábẹ́ ẹrù kan náà. Ìlọ́po mẹ́ta yẹn lẹ lè gbé lọ bí àfiwé. Mílímítà rẹ̀ á dúró de wíwọ̀n.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ ṣeun. Àmọ́ nǹkan kan wà tí kò bá ohun tí ojú mi ń rí mu. Mo ti fi irin ṣe ìbòrí iwájú ṣọ́ọ̀bù púpọ̀. Bí ẹ bá ní mílímítà 7, tèmi á wálẹ̀ ní 12, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Irin náà kò burú, mo mọ ibi tí mo ti rà á. Pátákó irin tẹ́ẹ́rẹ́ la sábà máa ń fi bóòtù dè mọ́ ògiri búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá gun etí ìbòrí, tí mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi wo ìdí, á ní òkè pátákó ń ṣí kúrò lára ògiri, àlàfo kékeré tí bébà lè wọ̀. Ṣé ìṣirò yín mọ ìyẹn?

Onírin_Òdogbolú

Kò mọ̀ ọ́n, o sì ti fọwọ́ kan ibi tó yẹ. Kọ́ńsítáǹtì C1 tó jẹ́ òdo nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ògiri, àwa la sọ pé òdo ni. A sọ pé ògiri di bímù mú tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè yí rárá. Àlàfo bébà yẹn ń sọ pé ó yí. Bí ìdí bá yí ní 0.002 rádíàn péré, fi mítà 3 lọ́po rẹ̀, mílímítà 6 ti kún 6.7. Ìyẹn á gbé e kọjá 12 tí ò ń rí.

Ṣùgbọ́n má ṣe mú 0.002 yẹn ní fọ́múlà o. Àpẹẹrẹ lásán ni. Bí pátákó ṣe nípọn sí, bí bóòtù ṣe fún sí, bí búlọ́ọ̀kù ṣe lágbára sí, àwọn ló ń sọ iye tó máa yí.

Bàbá_Kọnkéré

Tiwa kò ní pátákó tàbí bóòtù. Bímù bálíkónì wa la wọ́n gba inú yàrá kọjá, ògiri iwájú kàn gbé e láti ìsàlẹ̀ ni, òdìkejì rẹ̀ wà lórí ògiri ẹ̀yìn pálọ̀. Ibo ló ti fẹ́ ṣí?

Onírin_Òdogbolú

Kò ní ṣí, Bàbá, àmọ́ á yí. Ògiri iwájú tó gbé e láti ìsàlẹ̀ kò sọ pé kó má dagẹ̀rẹ̀, ohun tó sọ ni pé kó má wálẹ̀. Bí etí ìta ṣe ń wálẹ̀, àárín pálọ̀ ń gbìyànjú láti ga sókè díẹ̀.

Ká fi ti ọmọ Ìpẹ̀rù ṣe é torí nọ́ńbà rẹ̀ rọrùn. Móméńtì orí ògiri jẹ́ 16 kNm. Ká ní pálọ̀ náà fẹ̀ ní mítà 3, bímù inú rẹ̀ á dagẹ̀rẹ̀ lórí ògiri iwájú ní 16 × 3/(3EI), ìyẹn 16/EI. Èyí ni C1 wa báyìí dípò òdo. Fi mítà 3 ìta lọ́po rẹ̀, 48/EI ló kún etí. 26.67 di 74.67. Ohun tí a fi sílẹ̀ pọ̀ ju ohun tí a ṣírò lọ.

Ẹrù tó wà nínú pálọ̀ máa dá apá kan rẹ̀ padà, torí òun ń tẹ àárín pálọ̀ wálẹ̀, ó sì ń gbé etí ìta sókè.

Ọmọ_Ṣágámù

Nígbà náà, ka gbogbo ẹrù pálọ̀ mọ́ ọn, á balẹ̀ dáadáa. Àga, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, fíríìjì, àwọn àlejò. Ilẹ̀ pálọ̀ kò lè ṣófo.

Wẹ́dà_Ìjẹ̀bú-Igbó

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba? Ta ló máa jókòó sí pálọ̀ lọ́jọ́ náà?

Bàbá_Kọnkéré

Kò sẹ́nìkan. Àwọn àlejò Èkó gan-an máa ń gbé àga jáde síta. Ìyàwó ilé nìkan ló wà nínú ilé, ilé ìdáná ló sì wà.

Onírin_Òdogbolú

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pẹ̀lú Ọmọ_Ṣágámù. Ẹrù tó ń ràn wá lọ́wọ́, a kì í kà á àfi èyí tí kò lè kúrò: kọnkéré ilẹ̀ pálọ̀ fúnra rẹ̀, táìsì tó wà lórí rẹ̀, bóyá ògiri bí wọ́n bá mọ ọ́n síbẹ̀. Àga àti àlejò, bálíkónì ni ká kà wọ́n sí.

Ọmọ_Ṣágámù

Ìyẹn ti le jù. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ilé, kò sí bálíkónì tó máa yege ní gbogbo Ìjẹ̀bú. Ó kéré tán, ẹ ka ìdajì ẹrù pálọ̀.

Onírin_Òdogbolú

Ìdajì wo? Ta ló máa dúró sínú pálọ̀ láti jẹ́ ìdajì náà? Fún ìwé ìdánwò, kọ ohun tí wọ́n bi ọ́. Fún ilé Bàbá, mi ò ní kà á.

Bàbá, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta: bí kọnkéré bálíkónì ṣe nípọn tó, bí pálọ̀ ṣe fẹ̀ tó láti ògiri iwájú dé ògiri ẹ̀yìn, àti bóyá ojú òkè ti sán ní gígùn lẹ́bàá ògiri iwájú. Òkè o, kì í ṣe abẹ́. Òkè ni bálíkónì ti ń fà, òkè ló yẹ kí irin rọ́ọ̀dù rẹ̀ wà, kó sì wọ inú pálọ̀ jìnnà dáadáa.

Bàbá_Kọnkéré

Abẹ́ ni mo rí irin níbi tí a ti gé e láti gba páìpù omi kọjá. Mi ò rí òkè, táìsì ló bò ó. Mo máa ká táìsì ibi kan lọ́la.

Onírin_Òdogbolú

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó ká a, ẹ ti ilẹ̀kùn bálíkónì náà pa, ẹ sì gbé igi gùn ún lábẹ́ láti ìsàlẹ̀. Bí kò bá sí irin lókè lóòótọ́, ọ̀rọ̀ mílímítà kọ́ là ń sọ mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìpẹ̀rù

Ọ̀rẹ́ mi ti fèsì. Ó gbà fún 3.67. Ó wá ń béèrè pé bí lóòdù bá bẹ̀rẹ̀ ní mítà 0.5 tó sì parí ní mítà 2, ṣé àkámọ́ méjì ló máa wà?

Ọmọ_Ṣágámù

Méjì ni. Kí ó ka x láti etí: èyí tó ní àmì ìyọkúrò á tàn ní x = 1, èyí tó ní àmì àfikún á tàn ní x = 2.5. C2 ló máa wá.